Ta Ni Ó Ni Àwòrán Náà? Ìtàn Ẹjọ́ Goldsmith àti Àwọn Tí Ó Jogún Iṣẹ́ Warhol

Ẹni tí ó bá ti dúró ti ayàwòrán lẹ́nu iṣẹ́ rí yóò ti ṣàkíyèsí pé ó sábà máa ń gbé fọ́tò kan síwájú, tí yóò máa wò ó bí ó ti ń ya tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni ó ya fọ́tò náà, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ó san owó kékeré kí wọ́n tó fún un lò ńkọ́? Ta ni ó ni èyí tí ó jáde lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé-ẹjọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà tí ó là á yé wa ju àwọn yòókù lọ, òun ni mo sì fẹ́ rò fún yín.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1981, Lynn Goldsmith, obìnrin ayafọ́tò kan ní New York, ya olórin tí à ń pè ní Prince ní yàrá iṣẹ́ rẹ̀ fún ìwé ìròyìn Newsweek. Òkìkí Prince kò tíì kàn tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Goldsmith fi ẹfun funfun ṣe ẹ̀yìn fọ́tò, ó to iná rẹ̀ bí ó ti fẹ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ìpéǹpéjú àti ètè ọmọkùnrin náà. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀: ó ní òun fẹ́ kí ayé rí i pé ọkàn ọmọkùnrin náà kò balẹ̀. Newsweek kò lo èyíkéyìí nínú àwọn fọ́tò inú yàrá yìí. Fọ́tò ibi tí Prince ti ń kọrin lórí ìtàgé ni wọ́n mú. Àwọn ti inú yàrá wà nínú àpò Goldsmith.

Ní ọdún 1984, Prince ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ìwé ìròyìn Vanity Fair wá sí ilé-iṣẹ́ tí Goldsmith fi ń yá àwọn ènìyàn ní fọ́tò, ó sì san 400 dọ́là kí ayàwòrán kan lè wo ọ̀kan nínú wọn yàwòrán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ àdéhùn náà, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ ti jáde. Àwòrán náà yóò jáde nínú ìwé oṣù Kọkànlá ọdún 1984, lẹ́ẹ̀kan ní odindi ojú-ìwé, lẹ́ẹ̀kan ní ìdá mẹ́rin ojú-ìwé. Wọn yóò kọ orúkọ Goldsmith sí i. Wọn kò sì gbọdọ̀ lò ó fún ohun mìíràn. Ayàwòrán tí wọ́n gbé e fún ni Andy Warhol, ṣùgbọ́n Goldsmith kò mọ̀.

Iṣẹ́ Warhol kì í ṣe wíwò lásán. Ó gé fọ́tò náà kù sí orí àti ọrùn, ó mú kí dúdú rẹ̀ dúdú sí i kí funfun rẹ̀ sì funfun sí i, lẹ́yìn náà a tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ sílíìkì tí a nà mọ́ férémù, tí a ti fi oògùn tí iná ń mú le pa. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kọjá sí yóò le, ibi tí òjìji bá wà yóò ṣàn lọ nígbà tí a bá fi omi fọ̀ ọ́. Ojú ihò wọ̀nyí ni a ó ti ti ọ̀dà gba inú aṣọ bọ́ sórí àwòrán. Nítorí náà, òjìji tí iná Goldsmith dá ní ọdún 1981 ni ó wà lára iṣẹ́ Warhol gan-an. Èyí ni a fi ń mọ ẹni tí ó ṣe àdàkọ yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn kọ́ ẹ̀kọ́ láti inú fọ́tò. Kò sí ẹni tí ó ni imú Prince. Ẹni tí ó bá wo fọ́tò ogún kí ó lè mọ bí imú náà ti rí, tí ó sì wá ya tirẹ̀ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ mìíràn àti ìdúró mìíràn, kò mú ohun oníṣẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n bí òjìji, ìtẹ̀sí orí àti ojú tí ó ń wò bá bá ara wọn mu, ilé-ẹjọ́ yóò sọ pé a mọ ibi tí ó ti wá.

Vanity Fair tẹ ojú aláwọ̀ elésè-àlùkò kan jáde gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Ṣùgbọ́n Warhol kò dúró níbẹ̀. Ó tún ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i, gbogbo rẹ̀ sì wá jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ó kú ní ọdún 1987, ẹ̀tọ́ àdàkọ iṣẹ́ rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àjọ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Prince náà kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Condé Nast, tí ó ni Vanity Fair, fẹ́ tẹ ìwé ìrántí, ó sì san 10,000 dọ́là fún àjọ náà kí ó lè lo ọ̀kan tí ó ní àwọ̀ ọsàn. Goldsmith kò gba kọ́bọ̀, wọn kò kọ orúkọ rẹ̀. Ìgbà tí ó rí ẹ̀yìn ìwé náà ni ó tó mọ̀ pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà.

Ó yà mí lẹ́nu pé àjọ náà ni ó kọ́kọ́ pe ẹjọ́, ní ọdún 2017, kí kóòtù lè sọ pé ìlò tí ó bójú mu ni. Adájọ́ kọ́kọ́ dá wọn láre ní ọdún 2019: ó ní Warhol ti sọ ọmọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ di òrìṣà àwọn òṣèré. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà ní ọdún 2021. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá Goldsmith láre, adájọ́ méje sí méjì. Adájọ́ Sotomayor kọ ìdájọ́ náà. Ó ní àwòrán méjèèjì ni ó jẹ́ ojú Prince tí a ń tà fún ìwé ìròyìn tí ó ń sọ ìtàn Prince. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe lọ́jà. Bí ìtumọ̀ tuntun nìkan bá tó láti gba ẹnì kan là, kò sí ẹni tí yóò tún san owó fún òǹkọ̀wé kí ó tó sọ ìwé rẹ̀ di fíìmù. Adájọ́ Kagan kò gbà. Ó bẹ̀rù pé irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò pa iṣẹ́ ọnà lára. Èrò mi ni pé ìbẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ ju ìdájọ́ náà lọ, nítorí Ilé-ẹjọ́ kò sọ ohunkóhun nípa yíya àwọn àwòrán náà tàbí fífi wọ́n hàn. Ìyálò ọdún 2016 nìkan ni ó dá ẹjọ́ lé lórí.

Ta wá ni ó ni? Òfin Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tí ó yọ iṣẹ́ lára iṣẹ́ ẹlòmíràn pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ni ó ni èyí tí òun fi kún un nìkan: àwọ̀, ìlà, gígé. Fọ́tò tí ó wà nísàlẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹni tí ó yà á. Bí kò bá sí ìyọ̀ǹda, òfin kò dáàbò bo apá ibikíbi tí ohun ẹlòmíràn bá ti wọ̀. Fọ́tò tí a rà ní ilé ìtajà fọ́tò náà kò yàtọ̀: ìyọ̀ǹda láti lò ó ni a rà, ó sì yẹ kí a wò ó bóyá ìyọ̀ǹda náà fàyè gba títà àwòrán tí a bá yọ lára rẹ̀.

Àwòrán tí a lè fi ọwọ́ kàn tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Nínú mẹ́rìndínlógún Warhol, méjìlá ti kúrò lọ́wọ́ àjọ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, mẹ́rin sì wà ní ilé ìṣúra Andy Warhol ní Pittsburgh. Àwọn tí ó gbé wọn kọ́ sára ògiri ni ó ni aṣọ àti ọ̀dà. Wọn kò ni ẹ̀tọ́ Warhol, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ni ti Goldsmith.