Sùúrù Ọmọdé àti Máàkì Ìdánwò: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìwádìí Sàíkọ́lọ́jì Wò

Láàárín ọdún 1968 sí 1974, Walter Mischel àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dán àwọn ọmọdé wò ní jẹ́lé-ó-sinmi Bing, nínú ọgbà Yunifásítì Stanford ní Kalifọ́níà. Wọ́n á mú ọmọ kan wọ yàrá, wọ́n á fi ohun dídùn hàn án, bíi máṣímálò, súìtì rírọ̀ kan tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà fẹ́ràn. Bí ọmọ náà bá ní sùúrù títí olùwádìí yóò fi padà wọlé, méjì ni yóò jẹ. Bí kò bá lè dúró mọ́, kó lu aago, ẹyọ kan ni tirẹ̀.

Ní ọdún 1990, Yuichi Shoda, Mischel àti Philip Peake tẹ àbájáde kan jáde tó mì ìgboro tìtì: àwọn ọmọ tó dúró pẹ́ jù ló gba máàkì jù nínú ìdánwò ìwọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi di ìmọ̀ràn fún àwọn òbí àti olùkọ́ pé kí wọ́n kọ́ ọmọ ní sùúrù, ìwé rẹ̀ á dára.

Iye ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà dúró lé lórí ni ó yẹ kí òǹkàwé kọ́kọ́ wá. Ọmọ 653 ni wọ́n dán wò. Òbí àwọn 185 ló dáhùn nígbà tí wọ́n tún wá wọn kàn, àwọn 94 péré ni wọ́n sì rí máàkì wọn gbà. Kì í sì í ṣe ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà dán wọn wò. Wọ́n bo súìtì mọ́lẹ̀ fún àwọn kan, wọ́n kọ́ àwọn mìíràn ní ohun tí wọ́n lè máa rò kí ìdúró má baà ni wọ́n lára. Àárín àwọn tí súìtì wà níwájú wọn gbangba, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní ọgbọ́n kankan, ni ìbáṣepọ̀ tó lágbára náà ti jáde. Ọmọ 35 ni wọ́n.

Òǹkà kan wà tó ń sọ bí nǹkan méjì ṣe ń bá ara wọn rìn: 0 ni pé wọn kò bá ara wọn rìn rárá, 1 ni pé ibi tí ọ̀kan bá yà sí ni èkejì ń yà sí. Fún apá èdè nínú ìdánwò náà, òǹkà yìí jẹ́ 0.42. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò àṣìṣe tí ọmọ 35 lè mú wá, òǹkà gidi lè wà níbikíbi láti nǹkan bí 0.10 títí dé 0.66. Ìyẹn ni pé ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, ó sì lè lágbára púpọ̀. Àwọn tó kọ ìwádìí náà fúnra wọn kìlọ̀ pé kí a ṣọ́ra, kí a sì tún un dánwò láàárín àwọn ọmọ mìíràn. Ìkìlọ̀ yẹn kò bá ìròyìn dé ìgboro.

Ká tiẹ̀ gbà pé òǹkà náà péye, kò fi hàn pé sùúrù ló fa máàkì. Ilé tí ọmọ ti wá lè fa méjèèjì. Celeste Kidd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi apá kan èyí hàn ní ọdún 2013. Wọ́n fi ìbò pín ọmọ 28 sí ọ̀nà méjì. Olùwádìí ṣèlérí ohun èlò ìyàwòrán tó dára fún gbogbo wọn. Ó mú un wá fún ìdajì, ó sì padà dé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo fún ìdajì yòókù. Nígbà tí wọ́n wá gbé máṣímálò kalẹ̀, ọmọ 9 nínú 14 tí a mú ìlérí ṣẹ fún ló dúró fún ìṣẹ́jú 15 tó pé. Nínú 14 tí a já kulẹ̀, ẹyọ 1 ló dúró. Ìbò tí wọ́n fi pín wọn ló jẹ́ ká lè dárúkọ okùnfà níbí, bí ọmọ 28 tilẹ̀ kéré. Ọmọ tí àgbà ti já kulẹ̀ kò wulẹ̀ rí ìdí tó fi yẹ kó dúró ni.

Ní ọdún 2018, Tyler Watts, Greg Duncan àti Haonan Quan tún ìwádìí 1990 ṣe pẹ̀lú ọmọ 918. Ìyá àwọn 552 nínú wọn kò parí kọ́lẹ́ẹ̀jì kí wọ́n tó bí wọn, àwọn ọmọ yìí ni wọ́n sì tẹjú mọ́ jù. Ìbáṣepọ̀ sùúrù àti iṣẹ́ ìwé ní ọmọ ọdún 15 tó bí ìdajì ti àtijọ́. Nígbà tí wọ́n ro ipò ìdílé, ilé àti òye ọmọ láti kékeré mọ́ ọn, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tó kù tún pòórá.

Ó yẹ kí a yẹ àtúnṣe náà wò pẹ̀lú ojú kan náà. Ìṣẹ́jú 7 ni wọ́n fi òpin ìdúró sí, ó sì lé ní ìdajì àwọn ọmọ tó dúró dé òpin, nítorí náà a kò lè mọ ẹni tó ní sùúrù jù láàárín wọn. Bákan náà, òye ọmọ wà lára ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ láti dúró. Ẹni tó bá yọ òye kúrò ti yọ díẹ̀ lára sùúrù pẹ̀lú. Kì í ṣe pé ìbáṣepọ̀ náà kò sí. Ó kéré sí bí a ti ròyìn rẹ̀ ni. Kí olùkọ́ má ṣe fi máṣímálò sọ àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ iwájú ọmọ kankan, nítorí kò sí èyí tó gbà á láyè nínú àwọn ìwádìí yìí.