Orin yín wà lórí Spotify, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń rí i: ibi tí àkọlé àti ẹ̀yà orin ti ń jẹ olórin lówó

Alájì kan tó ń kọ fújì ní agbègbè Mushin ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Inú ń bí i. Ó ní, “Àbúrò, àwọn ọmọ tó gbé orin mi síta ti jẹ mí lówó. Gbogbo pátì ni wọ́n ti ń lù ú, kọ́bọ̀ ò wọlé.” Mo ní kí Alájì fọkàn balẹ̀, pé màá yà lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí mo débẹ̀, mo gba fóònù ọmọ wọn, mo ṣí Spotify, mo sì tẹ àkọlé orin náà. Ẹ jẹ́ ká pe orin ọ̀hún ní “Ọ̀nà Ọjà”, torí wọn ò fẹ́ kí n dárúkọ àwọn.

Orin méjì ló jáde, orin kan náà sì ni. Èyí àkọ́kọ́ ń jẹ́ “ONA OJA LATEST FUJI 2023 LIVE PLAY (OFFICIAL AUDIO)”. Èkejì ń jẹ́ “Onaoja”. Ojú ewé olórin tí wọ́n so mọ́ ọn pàápàá kò jọra: “Alhaji” wà níwájú orúkọ lórí ọ̀kan, wọ́n ti fi “Dr.” kún un lórí èkejì. Ó ṣe tán, oyè tuntun ti dé láàárín ọdún yẹn.

Kò sẹ́ni tó jalè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láti ọdún 2024, Spotify kì í san owó lórí orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 tó kọjá. Nínú àkáǹtì tí wọ́n ṣí hàn mí, wọ́n ti gbọ́ ọ̀kan ní ìgbà 640 lọ́dún náà, wọ́n gbọ́ èkejì ní ìgbà 510. Ẹ ro ó pọ̀, ó jẹ́ 1,150. Ká ní ọ̀kan ṣoṣo ni, ì bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà owó. Bí wọ́n ṣe pín in sí méjì yìí, kò sí èyí tó dé ibẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, mi ò ní parọ́ fún yín, àmọ́ orin mọ́kànlá ni Alájì ní síta, mẹ́fà nínú wọn ló sì wà ní méjìméjì báyìí.

Kí ló ń pín orin sí méjì? Gbogbo orin tó bá gba ọwọ́ alágbàtà dórí àwọn ìkànnì wọ̀nyí ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ISRC. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 ni. Ó máa ń rí báyìí:

```
NG-ABC-23-00017
```

Márùn-ún àkọ́kọ́ ni ti ẹni tí wọ́n fún ní nọ́ńbà, lẹ́yìn náà ọdún, lẹ́yìn náà nọ́ńbà orin fúnra rẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni mo kọ síbẹ̀ o, ẹ má lọ lò ó. Bí ẹ bá gbé orin lọ sọ́dọ̀ alágbàtà tuntun tí ẹ ò sì kọ ISRC àtijọ́ sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n máa ń fún un ní tuntun. Lójú kọ̀ǹpútà, orin mìíràn nìyẹn. Ohun tí ọmọ Alájì ṣe gan-an nìyẹn. Ó bínú sí alágbàtà àkọ́kọ́, ó gbé gbogbo orin lọ síbòmíràn, ó sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oyè ló tún wá fa wàhálà kejì. Bí ẹ bá ń kún fọ́ọ̀mù, alágbàtà máa ń béèrè bóyá olórin náà ti ní ojú ewé tẹ́lẹ̀ lórí Spotify àti Apple Music. Ẹni tó bá sọ pé rárá, tàbí tó kọ orúkọ lọ́nà mìíràn láìtọ́ka sí ojú ewé ti àtijọ́, ojú ewé tuntun ni wọ́n máa ṣí fún un. Àwọn tó ti ń tẹ̀ lé olórin náà tẹ́lẹ̀ kò ní gbọ́ pé orin tuntun jáde. Mo mọ̀ pé ó máa dun àwọn onífújì wa, àmọ́ oyè kò gbọdọ̀ wọnú àpótí “Primary artist”. Orúkọ kan, bákan náà, láti orin àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ẹ kọ oyè sára fọ́tò ìbòrí bó bá wù yín, tàbí sínú ìtàn ìgbésí ayé yín.

Ká wá sí àkọlé fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ wa rò pé bí wọ́n bá rọ́ “latest”, “2023” àti “official” sínú rẹ̀, ìwádìí á tètè gbé e jáde. Bóyá lórí YouTube nígbà kan. Ní ti Apple Music, òfin wọn kò fàyè gba kí wọ́n máa rọ ọ̀rọ̀ ìwádìí tàbí orúkọ olórin sínú àkọlé, wọ́n lè dá a padà fún alágbàtà. Orúkọ ẹni tí ẹ jọ kọrin náà ní àpótí tirẹ̀, “Featured artist”. Bó bá jẹ́ pé orin náà jẹ́ ti òde ìnáwó, “Live” yóò wà nínú àpótí “Version”. Ohun tó kù fún àkọlé ni orúkọ tí àwọn èèyàn ń pe orin náà lẹ́nu. Tí gbogbo ayé bá ti ń pè é ní ọ̀rọ̀ kan nínú ègbè, tí ẹ wá fi òwe gígùn kan ṣe àkọlé, ẹ̀yin lẹ fi í pamọ́.

Àmì ohùn ńkọ́? Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Lẹ́tà “ọ” ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n “ọ̀” kò ní ẹyọ kan. Ńṣe ni wọ́n ń to àmì lé lẹ́tà. Ìyẹn ló fà á tí àwọn fọ́ọ̀mù kan fi ń yọ àpótí kékeré jáde níbi tí ẹ kọ “Ọ̀nà” sí. Àwọn kíbọọ̀dù kan kì í sì í lo àmì tó-tó abẹ́ lẹ́tà (U+0323), ìlà kékeré (U+0329) ni wọ́n ń lò. Lójú èèyàn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ wo Aṣa, ó ń lo àmì abẹ́ S lórí Spotify, bí ẹ bá sì tẹ “asa” lásán, ẹ máa rí i, torí ìwádìí wọn ń fojú fo àmì tó wọ́pọ̀. Nítorí náà, mi ò ní sọ pé kí ẹ yọ àmì kúrò. Bí ẹ bá ti gbé orin síta, ẹ tẹ àkọlé náà láìsí àmì, ẹ tún da èyí tó ní àmì kọ sínú àpótí ìwádìí. Bí méjèèjì bá gbé e jáde, kò sí wàhálà. Bí ọ̀kan bá kọ̀, tàbí tí àpótí kékeré bá ń jáde, ẹ kọ ọ́ láìsí àmì níbi gbogbo. Àdàlù ló burú. Ẹ má sì fi “Õ” rọ́pò “Ọ”, mo bẹ̀ yín. Lẹ́tà àwọn Pọtogí nìyẹn.

Ẹ̀yà orin, ìyẹn “Genre”. Fọ́ọ̀mù tí ọmọ Alájì kún kò ní fújì nínú rárá, ló bá mú “Afrobeat”. Ṣé ẹ rí i pé “s” kò sí níbẹ̀? Ti Fẹlá nìyẹn. “Afrobeats” tó ní “s” ni ti àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí. Fújì tí Síkírù Àyìndé Barrister fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bí ẹ bá mú ẹ̀yà tí kì í ṣe tiyín torí pé òun ló ń tà, ẹni tó ń retí ohun tí Asake ń kọ yóò bá sákárà àti gángan pàdé, yóò sì fò ó kí ìṣẹ́jú àáyá 30 tó pé. Spotify kì í ka gbígbọ́ tí kò bá tó ìṣẹ́jú àáyá 30, bẹ́ẹ̀ fífò yẹn sì jẹ́ àmì fún wọn pé àwọn olùgbọ́ kò fẹ́ ẹ. Bí fújì kò bá sí nínú fọ́ọ̀mù, ẹ mú “African” tàbí “World”, kí ẹ sì yan Yorùbá nínú àpótí “Language”. Ibi tí ẹ ti máa ṣàlàyé pé fújì ni, ó ń bọ̀ báyìí.

Ibẹ̀ ni Spotify for Artists. Orin tí kò tíì jáde nìkan lẹ lè fi síwájú àwọn tó ń ṣe àkójọ orin níbẹ̀, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àpótí àlàyé rẹ̀ kò gbà ju 500 lẹ́tà lọ, àwọn olùgbọ́ kì í sì í rí i, àwọn òṣìṣẹ́ àkójọ nìkan ló ń kà á. Fún orin tuntun Alájì, a kọ ibi tí wọ́n ti lù ú, àwọn ìlù tó wà nínú rẹ̀, pé ọjà Mushin ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, àti pé àwọn onípátì ti ń béèrè fún un. A ò kọ “orin tó dára jù lọ”. Bí ẹ bá ṣe é ó kéré tán ọjọ́ 7 ṣáájú ọjọ́ tí orin máa jáde, orin náà yóò wọ Release Radar àwọn tó ń tẹ̀ lé yín, bí àwọn olóòtú ò bá tiẹ̀ mú un. Bí orin bá ti jáde, ilẹ̀kùn yẹn ti tì. Alájì fẹ́ kí ó jáde lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ mẹ́wàá la fi sún un síwájú, wọ́n sì bá mi jà díẹ̀.

YouTube yàtọ̀. Àlàyé ibẹ̀ gbà tó 5,000 lẹ́tà, gbogbo ayé ló sì ń rí i, àmọ́ ìlà díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń hàn kí wọ́n tó tẹ “more”. Orúkọ orin àti ti olórin ló yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n máa pè fún òde. Ní ti “Tags”, YouTube fúnra wọn sọ pé ipa kékeré ló ń kó, àyàfi fún ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn sábà máa ń ṣì kọ. Orin Yorùbá bá èyí mu dáadáa: “ona oja”, “onaoja”, “onah oja”. Ibẹ̀ ni kí ẹ kó gbogbo ìkọkúkọ sí, kì í ṣe àkọlé.

Fún ti Alájì, a ò tíì pa ohunkóhun rẹ́, torí orin tí ẹ bá yọ yóò kúrò nínú àkójọ gbogbo ẹni tó ti fi í pamọ́. A kọ́kọ́ kọ ISRC mọ́kànlá tó jẹ́ ti àkọ́kọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, a ní kí alágbàtà tuntun fi wọ́n rọ́pò èyí tí òun fún wọn, a tún àkọlé ṣe kó bá ara mu nílé méjèèjì, a sì kọ̀wé sí Spotify kí wọ́n kó orin tó wà lójú ewé “Dr.” wá sórí èyí tó ní olùtẹ̀lé jù. Alágbàtà kìíní la máa sọ fún kẹ́yìn pé kó yọ tirẹ̀. Orin mẹ́rin ti para pọ̀ báyìí, iye tí wọ́n gbọ́ wọn sì ti di ọ̀kan. “Ọ̀nà Ọjà” kò tíì sí nínú wọn. Fáìlì tí wọ́n gbé lọ lẹ́ẹ̀kejì kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ pẹ̀lú ìṣẹ́jú méjì, torí ẹnìkan ní sítúdíò gé oríkì ìbẹ̀rẹ̀ kúrò, bẹ́ẹ̀ kò sì sẹ́ni tó sọ fún Alájì.