Ímeèlì Ìdúnàádúrà Lédè Faransé: Títọrọ Ẹ̀dínwó Lọ́wọ́ Olùpèsè Ọjà Tó Ti Pẹ́

Ímeèlì ìdúnàádúrà ni ìwé tí oníbàárà kọ sí ẹni tó ti ń kó ọjà fún un látọjọ́ pípẹ́, pé kó dín iye tó ń ta ọjà kù. Láàárín àwọn oníṣòwò tó ń fi èdè Faransé ṣiṣẹ́, yálà ní Lyon tàbí ní Kútọ̀nú, ìwé yìí ní ìlànà tirẹ̀, kò sì jọ ọjà nínà ojúkojú. Lọ́jà wa, ẹni tó bá fi ìdajì iye tí wọ́n pè dáhùn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìyálọ́jà á rẹ́rìn-ín, á sọ iye mìíràn, ọ̀rọ̀ á sì máa lọ. Lórí ìwé, ìdajì yẹn ìwọ̀sí ni. Ẹni tó gbà á á rò pé oníbàárà òun kò mọ iye tí ọjà ń ná òun, tàbí pé ó gbà pé òun ti ń rẹ́ ẹ jẹ láti ọdún yìí wá. Nítorí náà, ìwọ̀nba ni ohun tí wọ́n ń bèèrè níbẹ̀, ìdí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ hàn.

Ohun tó mú ìwé bẹ́ẹ̀ le tó sì tún dùn ún kà ni pé ìrọ̀rùn àti ìdúróṣinṣin kì í jókòó síbì kan náà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń gbé ọ̀wọ̀. Iye owó àti ọjọ́ ló ń gbé ìpinnu. Ẹni tó bá kọ "je veux" ti pàṣẹ. Ẹni tó bá kọ "nous souhaiterions" tàbí "seriez-vous en mesure de" ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹnìkejì láti gba ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún wá kọ pé òun fẹ́ "un petit effort" láìdárúkọ iye kan, kò tíì bèèrè ohunkóhun. Èsì tó máa rí gbà ni ọ̀rọ̀ dídùn tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Kí ẹni tó ń kọ̀wé tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kó mọ irú ẹ̀dínwó tó ń wá, nítorí ìwé Faransé ya mẹ́rin sọ́tọ̀. "Rabais" ni èyí tí wọ́n ń fúnni nítorí àbùkù ọjà tàbí nítorí pé ọjà pẹ́ kó tó dé. "Remise" wà fún ẹni tó ra púpọ̀ tàbí ẹni tó jẹ́ oníbàárà pàtàkì. "Ristourne" kì í hàn lórí ọjà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn àkókò kan, ìparí ọdún lọ́pọ̀ ìgbà, ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lórí gbogbo ohun tí oníbàárà rà, tí wọ́n á sì dá owó náà padà fún un. "Escompte" ni èrè ẹni tó san gbèsè ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Lẹ́nu, àwọn èèyàn máa ń da ìwọ̀nyí pọ̀, àmọ́ akọ̀wé owó kì í dà wọ́n pọ̀. Oníbàárà tó bá tọrọ "rabais" láìsí ìgò kan tó fọ́ lè mú kí wọ́n máa bi í pé kí ló ṣe ọjà náà.

Ọ̀nà karùn-ún wà, òun náà ló ṣòro jù láti rí gbà: kí wọ́n yí iye owó ọjà fúnra rẹ̀ padà nínú ìwé iye owó. Olùpèsè kì í fẹ́ èyí, nítorí iye tó bá ti wálẹ̀ kì í rọrùn láti gbé sókè mọ́. Ó máa ń yá a lára láti fúnni ní "ristourne", torí pé ìgbà tí oníbàárà bá ti rà á tán ni yóò tó san án, iye tó wà nínú ìwé kò sì ní yí padà. Ẹni tó bá mọ èyí á mọ ibi tó lè gbà yọ bí wọ́n bá kọ̀ fún un ní ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́.

Ká mú àpẹẹrẹ iléeṣẹ́ kékeré kan ní Àjàṣẹ́ tó ń fún omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú ìgò. Ọdún méje ló ti fi ń ra ìgò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan ní Lyon. Ìgò kan jẹ́ 0,24 yúrò, owó ọkọ̀ dé èbúté Kútọ̀nú sì wà nínú rẹ̀. Ọdún tó kọjá, ìgò 120.000 ni wọ́n rà, èyí tó jẹ́ 28.800 yúrò. Iléeṣẹ́ mìíràn wá ní òun lè ta tòun ní 0,21 yúrò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: iye kejì yìí ni wọ́n ń pè ní "départ usine", ìyẹn ni pé ẹni tó rà á ló máa san owó ọkọ̀ láti ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́. Bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ 0,015 yúrò lórí ìgò kan, 0,225 ni ìgò náà yóò di ní Kútọ̀nú. Ẹni tó bá fi 0,21 dẹ́rù ba olùpèsè rẹ̀ àtijọ́ yóò gba ìbéèrè kan ṣoṣo padà, pé ṣé owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì ti fẹ́rẹ̀ láti ibẹ̀. Bákan náà ni kó wò ó bóyá "HT" ni wọ́n kọ sẹ́yìn iye owó, ìyẹn láìsí owó orí, tàbí "TTC", tó ní owó orí nínú.

Oníṣòwò Àjàṣẹ́ yìí pinnu nínú ara rẹ̀ pé 0,225 ni òun kò ní kọjá, torí iye yẹn náà ni òun máa san bí òun bá lọ síbòmíràn. 0,22 ni yóò bèèrè, kí àyè díẹ̀ lè wà láti pàdé láàárín méjèèjì. Ohun méjì ló ní láti fi ṣe pàṣípààrọ̀: ìgò 150.000 lọ́dún tó ń bọ̀, àti pé òun á máa sanwó láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ dípò ọgọ́ta. Ìwé tó kọ rèé:

```
Objet : Tarif 2026 – bouteilles 25 cl

Bonjour Madame,

Nous travaillons ensemble depuis sept ans et la qualité
de vos bouteilles ne nous a jamais déçus.

En 2026, nos achats passeront de 120 000 à 150 000 unités.
Un de vos confrères nous propose, rendu Cotonou, un prix
inférieur au vôtre. Nous préférerions toutefois continuer
avec vous.

Seriez-vous en mesure de ramener le prix unitaire de 0,24 €
à 0,22 € HT à compter du 1er janvier ? En contrepartie, nous
nous engagerions sur ce volume et réglerions vos factures
à 30 jours au lieu de 60.

Notre budget étant arrêté le 15 novembre, je vous remercie
de me répondre avant le 12.

Bien cordialement,
```

Ìyìn inú ìlà àkọ́kọ́ kúrú, ó sì jẹ́ òótọ́. Bí ó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ń kà á á ti mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. "Vous" ló lò jálẹ̀, bí a ṣe ń fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀, ọdún méje kò sì yí ìyẹn padà àfi bí ẹnìkejì bá kọ́kọ́ lo "tu". Ó pe iléeṣẹ́ tó ń bá a díje ní "un de vos confrères", ìyẹn ẹgbẹ́ wọn nínú iṣẹ́ kan náà, kò sì dárúkọ rẹ̀, kò fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́. Fífi ìwé iye owó ẹlòmíràn han olùpèsè ń bá orúkọ oníbàárà jẹ́ lójú àwọn méjèèjì, torí olúkúlùkù á mọ̀ pé ìwé tòun náà lè dé ọwọ́ ẹlòmíràn lọ́la.

"En contrepartie" ni ọkàn ìwé náà. Abala L442-1 nínú òfin ìṣòwò ilẹ̀ Faransé lè di ẹ̀bi ru ẹni tó bá gba àǹfààní lọ́wọ́ alábàáṣòwò rẹ̀ láìsí ohun kan tó fi dípò, tàbí tí ohun tó fi dípò kò bá tó nǹkan rárá. Abala kan náà sọ pé ẹni tó bá já ìbáṣepọ̀ òwò tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójijì, láìkọ̀wé ṣáájú lásìkò tó tó, lè san owó gbà-máà-bínú fún ẹnìkejì. Nítorí náà, gbólóhùn bíi "a kò ní ra mọ́ láti oṣù tó ń bọ̀" kì í ṣe àìmọ̀wàáhù lásán lójú ará Lyon; ó lè gbé e lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà jáde nínú ìwé òkè yìí dáa jù: iye mìíràn wà, a sì fẹ́ dúró tì yín.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ èsì náà ní ìdí tirẹ̀. Oníṣòwò náà kò sọ pé "ẹ tètè", ó ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ni àwọn yóò ti ìwé ìnáwó wọn. Ẹni tó bá kọ irú ìwé yìí ní oṣù Kẹjọ ń fi àkókò ṣòfò, nítorí ìsinmi gígùn ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ Faransé ń lò nígbà náà, ẹni tó sì lè fọwọ́ sí iye owó kì í sábà sí nídìí iṣẹ́.

Kíka èsì gba ọgbọ́n náà. "Nous avons bien pris note de votre demande" kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni. Ó kàn sọ pé ìwé yín ti dé. "Nous ne sommes malheureusement pas en mesure" jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n bí gbólóhùn tó tẹ̀lé e bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "en revanche", ohun tí wọ́n lè ṣe ló ń bọ̀ níbẹ̀. Èyí tó yẹ kéèyàn ṣọ́ jù ni "à titre exceptionnel". Wọ́n ti gbà, àmọ́ lẹ́ẹ̀kan péré ni, tí ẹ̀yin kò bá sì sọ̀rọ̀, iye àtijọ́ á padà lórí ìnfọ́ìsì tó kàn.

Nínú àpẹẹrẹ wa, èsì tó ti Lyon wá ni 0,23 "à titre exceptionnel". Oníṣòwò náà kò bínú, kò sì gbà á. Ó dúpẹ́, ó ní 0,23 kò tíì dé ibi tí àwọn lè fọwọ́ sí. Ó wá ní kí wọ́n fi 0,225 sí i jálẹ̀ ọdún 2026, kí wọ́n sì fi "ristourne" ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún kún un bí àwọn bá ra ìgò 150.000 pé. Olùpèsè gbà, nítorí apá kejì yìí kò ní ná an ní kọ́bọ̀ àyàfi tí ìgò náà bá lọ tán. Lórí ìgò 150.000, iye tuntun jẹ́ 33.750 yúrò dípò 36.000. Èrè rẹ̀ jẹ́ 2.250 yúrò, tó lé díẹ̀ ní 1.475.900 sẹ́fà, torí yúrò kan jẹ́ 655,957 sẹ́fà láìyẹ̀. "Ristourne" náà tún fi 675 yúrò lé e ní ìparí ọdún.

Ìwé kẹta ló parí ọ̀rọ̀, ó sì kúrú jù lọ: "Pourriez-vous me confirmer ces conditions par écrit, pour toutes les commandes jusqu'au 31 décembre 2026 ?" Láìsí i, àdéhùn náà wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é nìkan. Bí obìnrin tó gbà fún wọn ní Lyon bá kúrò nídìí iṣẹ́, ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀ á ṣí ìwé "CGV", ìyẹn àwọn ìlànà ìtajà iléeṣẹ́ náà, á sì fi 0,24 sórí ìnfọ́ìsì. Ó yẹ kí ọjọ́ ímeèlì tí wọ́n fi gbà hàn lórí gbogbo ìwé ìbéèrè-ọjà tó bá tẹ̀lé e, kí akọ̀wé owó lè rí i láìbéèrè. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni iye tuntun yẹn ń parí. Ẹni tó bá fẹ́ kó wà lọ́dún tó tẹ̀lé e, oṣù Kẹwàá ni kó ti kọ ìwé mìíràn.