Àjọ, Alájẹṣẹ́kù àti Owó Ìfẹ̀yìntì: Bí Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Ṣe Pàdé ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Kò sí òfin kankan tó so àjọ, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti owó ìfẹ̀yìntì pọ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń dá wọn ni wọ́n ti pàdé. Ìlobùú ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun sì ni ti Òròlú. Ìlú méjèèjì kún fún àgbẹ̀ àti oníṣòwò, ṣùgbọ́n wọ́n ní olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ló sì ní ìsọ̀ tàbí oko tí wọ́n ń bójú tó lẹ́yìn iṣẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń bá lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Èésú, tó jẹ́ irú àjọ kan, ló dàgbà jù nínú wọn. Àlùfáà Samuel Johnson ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921: gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á máa dá iye kan náà ní àkókò kan náà, ẹnì kan á sì kó gbogbo rẹ̀ títí yóò fi kárí. Ní 1952, William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó gbé ní Ifẹ̀, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí èésú nìkan. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e sọdá òkun. Súsù ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí dòní. Àjọ ojoojúmọ́ yàtọ̀ sí i díẹ̀. Alájọ á wá sí ìsọ̀, á gba owó, á fa ìlà sórí káàdì. Ẹni tó bá ń dá 500 náírà lójúmọ́ nínú oṣù tó ní ọjọ́ 31 á ti dá 15,500. Alájọ á mú 500 ọjọ́ kan, á dá 15,000 padà fún un. Kò sí èlé níbẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé owó kékeré tí ì bá ti fọ́nká ti di odidi.

Ìjọba amúnisìn ló mú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní ìwé àṣẹ wọlé. Ní 1934, C. F. Strickland, tó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Íńdíà, kọ ìròyìn fún ìjọba lórí bí yóò ṣe rí ní Nàìjíríà, òfin sì tẹ̀ lé e ní 1935. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ló kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ olówó oṣù náà dá tiwọn sílẹ̀, torí pé ẹni tó ń san owó oṣù lè yọ owó ẹgbẹ́ kó tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ohun tó fa ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́ra níbẹ̀ ni ẹ̀yáwó: ẹni tó bá ti tọ́jú owó lè yá ìlọ́po méjì rẹ̀, bí ó bá rí onídùúró.

Owó ìfẹ̀yìntì ní tirẹ̀ ti pààrọ̀ ìrísí. Lábẹ́ òfin 1951 àti ti 1979, ìjọba nìkan ló ń san án, nígbà tí gbèsè sì ga ju agbára rẹ̀ lọ, àwọn arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í tò sórí ìlà. Òfin 2004 ló sọ ọ́ di àjùmọ̀dá. Òfin 2014 tó rọ́pò rẹ̀ ní kí òṣìṣẹ́ dá 8 nínú 100 owó rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ dá 10, kó máa wọ àkáǹtì tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ń ṣe òfin tiwọn lórí ìlànà yìí. Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣí ilẹ̀kùn kan fún àwọn tí kò gba owó oṣù: ní ìbẹ̀rẹ̀ ètò náà, nínú 1,000 náírà tí oníṣòwò bá dá, 400 ṣeé gbà nígbà ìṣòro, 600 yóò dúró de ọjọ́ ogbó.

Bí ènìyàn bá wò wọ́n lókèèrè, yóò rò pé ibi ìpamọ́ mẹ́ta ni. Ọdún 2015 fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀ṣun. Owó oṣù ti wọ gbèsè, ìjọba ìpínlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ìdajì fún àwọn tó wà ní ìpele 12 sókè, tí àwọn ìpele 8 sí 10 ń gba 75 nínú 100. Ó lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 2018. Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo olùkọ́ kan tó ń gba 100,000. Ó ti fi 10,000 lóṣooṣù tọ́jú 360,000 sí ẹgbẹ́ láàárín ọdún mẹ́ta, ó yá 720,000 láti fi ra ilẹ̀, èlé rẹ̀ jẹ́ 72,000. Bí yóò bá san án tán ní oṣù 30, 26,400 ni lóṣù. Fi 10,000 ìtọ́jú rẹ̀ kún un, ó di 36,400. Ní ìgbà tí owó pé, tí wọ́n bá yọ 8,000 ìfẹ̀yìntì, 55,600 ló kù sí i lọ́wọ́. Bí owó oṣù bá di 50,000, ìfẹ̀yìntì á lọ sílẹ̀ sí 4,000, ṣùgbọ́n gbèsè ẹgbẹ́ kò dín. Ohun tó kù fún oúnjẹ ni 9,600.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Alájẹṣẹ́kù àti owó ìfẹ̀yìntì jọ ń mu omi láti orísun kan ṣoṣo, ìyẹn owó oṣù. Tí orísun bá gbẹ, méjèèjì á gbẹ pọ̀. Àjọ tó ti ìsọ̀ wá nìkan ni kò mọ̀ pé owó oṣù ti di ìdajì, àyàfi bí àwọn oníbàárà ìsọ̀ náà bá jẹ́ òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ ní ìlú kékeré.

Àjọ náà ní ibi tí ó ti lè já. Ní 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ dé láàárín àwọn ìlú yìí, ìjọba fi òfin kónílé-ó-gbélé dè wọ́n. Bí ọjà bá ti tì, alájọ kò lè rìn, ìlà kò sì ní wọ káàdì. Owó ìfẹ̀yìntì tó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó jìnnà sí ìlú kò mọ irú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ètò kan kò gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ kan náà fún wọn. Owó àjọ kò yẹ kó pẹ́ lọ́wọ́ alájọ ju oṣù kan lọ. Bí alájọ bá sá lọ, kò sí òfin ìfẹ̀yìntì tó máa wá a. Ní ìparí oṣù, kí apá kan nínú 15,000 yẹn wọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú àkànṣe, kí apá kan wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀yáwó alájẹṣẹ́kù ló yẹ kó ra ohun tó lè mú owó wọlé lẹ́yìn iṣẹ́: ilẹ̀, yàrá tí ènìyàn lè fi háyà, ẹ̀rọ ìlọta.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà fún ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Àwọn tó fẹ̀yìn tì ní Ọ̀ṣun lábẹ́ ètò àjùmọ̀dá máa ń dúró pẹ́ kí ìwé ẹ̀tọ́ wọn tó jáde, torí ìpele ìpele ni ìjọba ń fún wọn. Owó ìtọ́jú tí ẹgbẹ́ bá dá padà ni ènìyàn yóò fi jẹun láàárín àsìkò náà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ yọ gbèsè kó tó dá ìyókù padà. Ẹni tó gba ẹ̀yáwó ńlá ní ọdún tó ṣáájú ìfẹ̀yìntì ti ná afárá tí yóò gbà kọjá.

Ẹ lọ béèrè àkọsílẹ̀ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó o, kí ẹ fi wé ìwé owó oṣù. Bí wọ́n bá ń yọ owó lóṣooṣù tí kò sì wọ àkáǹtì, àsìkò tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ló yẹ kí ẹ gbé e dìde.