Oṣù Márùn-ún Péré: Ìtàn Ìpamọ́ Ọ̀rọ̀ WhatsApp Tí Olówó Rẹ̀ Pa Tì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ohun tí a bá ti fi pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò lè sọnù mọ́. Fóònù lè bọ́ sínú omi, olè sì lè jí i gbé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Google bá ń báni tọ́jú yóò wà níbẹ̀ títí dìgbà tí ẹni tó ni ín bá padà wá. Ìtàn ìpamọ́ ọ̀rọ̀ WhatsApp láti ọdún 2015 fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Gbèdéke wà fún ìpamọ́ náà, gbèdéke ọ̀hún kò sì dúró lójú kan.

Láti lóye ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ WhatsApp ń gbé. Bí ẹnìkan bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà máa ń gbà á dúró títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. Bí kò bá tètè dé, wọn kì í tọ́jú rẹ̀ ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Ní kété tó bá ti dé, wọn á pa á rẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Inú fóònù àwọn tó jọ ń sọ̀rọ̀ nìkan ni ó kù sí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, láyé àtijọ́ WhatsApp, bí fóònù bá sọnù, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá a lọ nìyẹn.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015 ni WhatsApp àti Google kéde pé àwọn tó ń lo fóònù Android lè máa fi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ wọn pamọ́ sínú Google Drive. Lákòókò yẹn, àyè tí ẹ̀dà náà bá gbà wà lára gígábáìtì 15 tí Google ń fún oníkálukú lọ́fẹ̀ẹ́. Fọ́tò, fídíò àti ọ̀rọ̀ àfohùnsọ sì ń yára kún àyè náà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ méjèèjì kéde àdéhùn tuntun. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìpamọ́ WhatsApp kò ní jẹ nínú àyè ẹnikẹ́ni mọ́. Inú àwọn ènìyàn dùn, ṣùgbọ́n ìlà kan wà nínú ìkéde náà tí ọ̀pọ̀ kò kà: ẹ̀dà èyíkéyìí tí a kò bá sọ di tuntun fún ohun tó ju ọdún kan lọ, Google yóò yọ ọ́ kúrò fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, ọdún kan náà di oṣù márùn-ún, òun sì ni gbèdéke tí WhatsApp ń tọ́ka sí nínú ìlànà tó ń fún àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, wọ́n tún kéde pé ọ̀fẹ́ ti parí. Láti oṣù Kejìlá ọdún náà fún àwọn tó ń dán ẹ̀yà tuntun wò, àti díẹ̀díẹ̀ fún àwọn yòókù nínú ọdún 2024, ìpamọ́ WhatsApp tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú gígábáìtì 15 náà. Oṣù márùn-ún kò torí èyí kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ni àyè ló wá ń gba ẹrù náà sílé ara rẹ̀, síbẹ̀ ẹlòmíràn ló ń ka ọjọ́ fún un.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìpamọ́ tí a kò lò? Ibí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Wíwo Google Drive kò sọ ìpamọ́ di tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kíka ímeèlì kò ṣe é. Fóònù tí WhatsApp wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́. Ní bí aago méjì òru ni fóònù tó bá ń ṣe é lójoojúmọ́ máa ń ṣe é, ẹ̀dà tuntun á sì gba ipò ti àná. Nítorí náà, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló máa ń wà níbẹ̀, ọjọ́ tí èyí tó gbẹ̀yìn dé ni a sì ti ń ka oṣù márùn-ún náà.

Ìdí tí wọ́n fi ń yọ ọ́ kò ṣòro láti rí. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀dà náà padà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà fóònù àti àkáǹtì Google tó fi pa á mọ́. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti sọnù, ẹ̀dà náà di ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò lè gbé, síbẹ̀ ẹ̀rọ tó gbé e dúró ń jẹ iná, ó sì ń jẹ owó. Ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá ẹni tó ni ín ti kú, ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà, tàbí ó kàn rin ìrìn-àjò. Ìdákẹ́ nìkan ni ó rí. Ààbò náà tún wà níbẹ̀: kí WhatsApp tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn láǹfààní láti fi àgádágodo ti ìpamọ́ wọn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àgádágodo tó dáàbò bo ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà kò tẹ̀ lé e dé inú Google Drive. Àṣírí àtijọ́ tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ lè di ewu.

Ẹ jẹ́ kí á fi opó kan ṣe àpẹẹrẹ. Ohùn ọkọ rẹ̀ tó ti kú wà nínú WhatsApp rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2025, fóònù rẹ̀ já sínú kànga. Aago méjì òru ọjọ́ náà ni ẹ̀dà tó gbẹ̀yìn wọlé. Kò lówó lọ́wọ́, ó wá fi síìmù rẹ̀ sínú fóònù kékeré onítẹ̀, ó sì ń fi pè. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, ọmọ rẹ̀ ra fóònù Android fún un. Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà, àkáǹtì Google rẹ̀ náà ṣí, ṣùgbọ́n WhatsApp kò rí ìpamọ́ kankan. Oṣù márùn-ún ti pé láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà. Bí ó bá ṣe pé oṣù Karùn-ún ni fóònù náà dé, ohùn ọkọ rẹ̀ ì bá padà. Bí ó bá jẹ́ ìlànà ọdún 2018 ni, ì bá ní àǹfààní títí di oṣù Kìíní ọdún 2026.

Opó yìí kò ṣe àìbìkítà. Gbèdéke mìíràn ló ṣeé ṣe kó ti gbọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Google kéde pé àkáǹtì tí a kò bá lò fún ọdún méjì ni àwọn lè pa rẹ́. Ní Nàìjíríà, oṣù mẹ́fà ni síìmù tí a kò lò fi lè wà kí wọ́n tó lè dí i. Nínú gbogbo wọn, gbèdéke ìpamọ́ WhatsApp ló kúrú jù, kò sì sí èyí tó ń dúró de èkejì.

Ohun tó tún burú ni pé ìpamọ́ lè dáwọ́ dúró nígbà tí fóònù ṣì wà lọ́wọ́ ẹni. Bí gígábáìtì 15 bá kún, tàbí bí a bá ní Wáìfáì nìkan ni kí ó máa lò tí kò sì sí Wáìfáì nílé, ẹ̀dà tuntun kò ní lọ mọ́. Ibi tí a ti lè mọ̀ wà nínú WhatsApp fúnra rẹ̀: `Settings`, lẹ́yìn náà `Chats`, lẹ́yìn náà `Chat backup`. Ọjọ́ tí ẹ̀dà tó gbẹ̀yìn wọlé wà níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni kí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù márùn-ún.