Owó Ilé tí a Pè ní Dọ́là: Ọjọ́ wo ni Kí a Ṣírò Rẹ̀ sí Náírà?

Bí a bá pe owó ilé yín ní Mòwé, Ìbàfò tàbí àyíká Ibùdó Ìràpadà ní dọ́là, tí ẹ sì ń san án ní náírà, ẹ rí i pé ìwé àdéhùn dárúkọ ọjọ́ ìṣírò àti iye pàṣípààrọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí náírà 470 ní ọjà ìjọba. Nígbà tí oṣù náà fi máa parí, ó ti kọjá 750. Owó ilé tó jẹ́ dọ́là 2,000 yóò tipa bẹ́ẹ̀ kúrò ní náírà 940,000, yóò ju 1,500,000 lọ. Bí àdéhùn kò bá dárúkọ ọjọ́, onílé yóò mú ọjọ́ tí dọ́là wọ́n, ayálégbé yóò mú èyí tí kò wọ́n.

A dábàá kí ẹ kọ ọ́ báyìí: “Iye tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ṣáájú ọjọ́ tí owó ilé pé ni a ó lò, bí a tilẹ̀ san án pẹ́.” Ẹ má ṣe kọ “iye ọjà” lásán, nítorí iye ti ìjọba àti ti ọjà dúdú lè yàtọ̀.

Ní ti àdéhùn tuntun, náírà ni kí ẹ fi pe owó ilé. Láti ọdún 2015 ni Báńkì Àpapọ̀ ti kéde pé kò bófin mu láti fi owó òkèèrè díyelé ohun tí à ń tà tàbí tí à ń yá ní Nàìjíríà.