Orúkọ Kan, Lẹ́tà Ńlá Kan: Ìtúpalẹ̀ Ṣàngótẹ̀dó

Lójú títì tó lọ láti Lẹ́kìí sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà mẹ́ta ni èèyàn lè bá orúkọ àdúgbò kan ṣoṣo: Sangotedo, Sango Tedo àti Sango-Tedo. Wọ́n lè dà bí ọ̀kan náà lójú ẹni tó ń wá ilé kiri, àmọ́ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ nípa orúkọ náà yàtọ̀. Ẹni tó kọ Sango Tedo ti sọ fún òǹkàwé, bóyá láìmọ̀, pé ibì kan wà tó ń jẹ́ Tedo, àti pé Ṣàngó kan wà níbẹ̀, bí Ṣàngó ṣe wà ní Ọ̀tà tí a fi ń sọ pé Ṣàngó Ọ̀tà. Kò sì síbi tó ń jẹ́ Tedo. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ mọ àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú orúkọ alákànpọ̀ ká tó lè kọ ọ́ bó ṣe tọ́, ṣùgbọ́n mímọ̀ wọ́n kò sọ pé ká fi àlàfo tàbí lẹ́tà ńlá pín wọn níyà lórí ìwé.

Ṣàngó kò mú àríyànjiyàn dání nínú orúkọ yìí. Tẹ̀dó ni iṣẹ́ wà. Ẹnì kan lè sọ pé tẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe, pé ìdó sì ni àbọ̀ rẹ̀, ìdó tó túmọ̀ sí ibùdó. Òfin ohùn fàyè gba èyí. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń di ohùn àárín níwájú àbọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ: gbà ni, àmọ́ gba owó là ń sọ. Nítorí náà a ó ní tẹ ìdó. Tí fáwẹ̀lì ì bá wá jẹ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á kù nílẹ̀, á sì bọ́ sórí tẹ, gẹ́gẹ́ bí wo àti ìran ṣe di wòran. Ibi tá a gúnlẹ̀ sí ni tẹ̀dó. Ẹlòmíràn á ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló wà níbẹ̀, tẹ̀ àti dó, kò sí ìpajẹ kankan. Èrò kejì yìí lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ lójú tèmi, torí pé ojoojúmọ́ là ń sọ pé lágbájá ló tẹ ìlú báyìí dó, tí ìlú á bọ́ sáàárín tẹ àti dó. Bó bá jẹ́ pé ìdó ni àbọ̀, níbo ni ìlú ì bá ti ráyè? Síbẹ̀, ìkọsílẹ̀ kan náà ni ọ̀nà méjèèjì bí.

Alátakò lè di àlàyé yìí mú. Bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá lè bọ́ sáàárín tẹ̀ àti dó, kí ló dé tí a ò ní kọ orúkọ náà ní Ṣàngó tẹ̀ dó? Ìdí ni pé gbólóhùn ló ń gba nǹkan sáàárín. Orúkọ kì í gbà á. Tí a bá ní Ṣàngó tún tẹ̀ dó, tàbí Ṣàngó kò tẹ̀ dó, a ti ń ròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ nìyẹn, kò sì sí awakọ̀ tó máa gbé wa dé àdúgbò náà nítorí ẹ̀. Ìdánwò yìí ló yẹ kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ lò: ki ọ̀rọ̀ kan bọ àárín, kó o wò ó bóyá ó ṣì ń jẹ́ orúkọ. Bí kò bá jẹ́ ẹ mọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, Ṣ nìkan ló sì ní ẹ̀tọ́ sí lẹ́tà ńlá.

Orúkọ ènìyàn fi hàn kedere pé àwọn ẹ̀yà ọ̀rọ̀ kì í wọnú orúkọ kí wọ́n má yí padà. Ohùn àárín méjì ló wà lórí baba, àmọ́ Babátúndé là ń pè, torí pé ohùn òkè tó máa ń tẹ̀lé olùwà gbólóhùn ti bọ́ sórí fáwẹ̀lì tó gbẹ̀yìn. Ẹni tí kò tú orúkọ náà palẹ̀ kò ní mọ ibi tí àmì yẹn ti wá, á sì fò ó. Nínú Adéwálé, adé, wá àti ilé ni a rí, ṣùgbọ́n i ti ilé ti jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà ńlá á kọ AdéWáLé, Lé kò sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí ilé rí.

Àwọn tó ń kọ OluwaSeun àti IfeOluwa ní ìdí tiwọn: wọ́n fẹ́ bu ọlá fún orúkọ Ọlọ́run. Ìdí náà ṣeé gbọ́ nínú IfeOluwa. Nínú OluwaSeun, ta ni S ń bu ọlá fún? Yàtọ̀ sí èyí, Olúwa inú orúkọ méjèèjì kò rí bákan náà. Olùwà ni nínú Olúwáṣeun, ìdí nìyẹn tí wá fi gba ohùn òkè. Nínú Ìfẹ́olúwa, ó ń yán ìfẹ́ ni, wa sì wà ní ohùn àárín. Àmì ohùn ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rò pé lẹ́tà ńlá ń ṣe, ó tún ṣe é dáadáa jù ú lọ. Lóòótọ́, olórúkọ ló ni orúkọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ kọ fún un. Ti ìlú kò rí bẹ́ẹ̀, ìlú kì í ṣe ti ẹnì kan.

Àmì ìsopọ̀ ló nira jù. Nínú àtòjọ ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, Surulere jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn ni: sùúrù ní èrè, tí ní èrè di lérè. Ajeromi-Ifelodun gba àmì ìsopọ̀ torí pé orúkọ méjì ni, àmọ́ Ìfẹ́lódùn fúnra rẹ̀ (ìfẹ́ ni ó dùn) kò pín. Títí débẹ̀, òfin wa dúró. Eti-Osa, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ṣàngótẹ̀dó wà lábẹ́ rẹ̀, ló da nǹkan rú díẹ̀. Etí àti ọ̀sà kì í ṣe orúkọ ìlú méjì, bí abẹ́ àti òkúta kò ṣe jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú Abẹ́òkúta tí a ń kọ papọ̀. Àṣà ló ya méjèèjì sọ́tọ̀, mi ò sì rí ìlànà gírámà tó lè gbèjà ìyàtọ̀ náà. Níbi tí gbólóhùn bá ti di orúkọ, a lè fọwọ́ sọ̀yà. Níbi tó bá jẹ́ àpólà-orúkọ, ká tẹ̀ lé ohun tó ti fìdí múlẹ̀.

Àwọn kan tún ń sọ pé pípín orúkọ ń ran ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun lọ́wọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àyè ọ̀tọ̀ ni kí á ti pín in. YorubaName.com, tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, ń kọ orúkọ ní odidi, ó sì ń to àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sísàlẹ̀. Àwọn atẹ̀wé náà nílò ìmọ̀ yìí nígbà tí ìlà bá tán lórí orúkọ. Olú-gbénga ni kí wọ́n gé e sí, kì í ṣe Olúg-bénga, torí pé lẹ́tà kan ni gb, gbé ló sì bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gé e kù sí Gbénga, G nìkan ló ń di ńlá. Kí àwọn tó ń kọ pátákó àti máàpù lójú títì Ẹ̀pẹ́ kọ Ṣàngótẹ̀dó ní ọ̀rọ̀ kan, pẹ̀lú àmì rẹ̀. Bí àmì kò bá sì ṣeé ṣe, kí wọ́n ṣáà yọ àlàfo àti T ńlá kúrò.